Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní gírámà Yorùbá: "Adé jẹun" kì í ṣe àsìkò tó ti kọjá

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ ìwé gírámà tí àwọn ọmọ ń lò,

A kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ.

Ohun kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Lábẹ́ àkòrí "Àsìkò àti Ibá-Ìṣẹ̀lẹ̀", ọ̀pọ̀ wọn ló kọ ọ́ báyìí: "Adé jẹun" jẹ́ àsìkò tó ti kọjá, "Adé ń jẹun" jẹ́ àsìkò tó ń lọ lọ́wọ́, "Adé yóò jẹun" jẹ́ àsìkò ọjọ́ iwájú. Ìlà mẹ́ta péré ni, ọmọ sì lè há a sórí kí olùkọ́ tó nu pátákó. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ iwájú nìkan ló dúró níbẹ̀. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè tí a rò pé wọ́n ń dáhùn. Ẹni tó béèrè àsìkò béèrè pé "Ìgbà wo?" Ohun tí "jẹun" àti "ń jẹun" sì fi yàtọ̀ síra kì í ṣe ìgbà rárá.

Ìbéèrè méjì ló wà, a kò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀. Èkínní ni pé níbo ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà sí ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀: ṣé ó wà lẹ́yìn wa ni, àbí ó ṣì wà níwájú? Àsìkò nìyẹn. Èkejì ni pé ibo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí tó fi ń wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹ rántí bí egúngún ṣe máa ń jáde. Ẹni tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí i láti orí dé ìdí: ó rí ibi tí èrò ti bẹ̀rẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n parí sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ odidi kan lójú rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín èrò kò rí orí, kò rí ìdí. Bí ó ṣe ń lọ ló mọ̀. Egúngún kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ibi ìdúró ló yàtọ̀. Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Bernard Comrie, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1976, fi ìyàtọ̀ náà sí ibi kan náà: ibá kan ń wo ìṣẹ̀lẹ̀ láti òde gẹ́gẹ́ bí odidi, èkejì ń wò ó láti inú. Nínú lẹ́tà yìí, a ó máa pe àkọ́kọ́ ní ibá odidi, a ó sì máa pe èkejì ní ibá àárín, kí ọ̀rọ̀ má baà wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan, ọjọ́ kan, aago kan, kí a wò ó níbẹ̀. Àná ni. Aago méje alẹ́ ni Bàbá wọlé. Odó wà lẹ́yìnkùlé, iṣu ti jinná, Àdùkẹ́ ló ni iyán alẹ́ náà í gún.

Nígbà tí Bàbá wọlé, Àdùkẹ́ gún iyán.
Nígbà tí Bàbá wọlé, Àdùkẹ́ ń gún iyán.
Nígbà tí Bàbá wọlé, Àdùkẹ́ ti gún iyán.

Nínú gbólóhùn kìíní, Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dà bí ẹni pé òun ni Àdùkẹ́ ń dúró dè, kí iyán má baà tutù. Bó ṣe rí i ló gbé ọmọ odó. Gígún náà wá lẹ́yìn ìwọlé, odidi lẹ́yìn odidi. Nínú gbólóhùn kejì, Bàbá ti ń gbọ́ ìró odó láti ojú ọ̀nà. Ìwọlé rẹ̀ bọ́ sáàárín gígún. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé, kò sì tíì parí nígbà tó dé. Nínú gbólóhùn kẹta, ọmọ odó ti wà ní ibi tí wọ́n ń gbé e sí, iyán ti wà nínú abọ́, wọ́n ti dé e.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹlẹ̀ lánàá. Àsìkò wọn kò yàtọ̀ síra: gbogbo wọn ló wà lẹ́yìn wa. Bí "ń" bá jẹ́ àmì àsìkò tó ń lọ lọ́wọ́, kí ló wá ṣe nínú gbólóhùn kejì, nígbà tí iyán ọ̀hún ti di jíjẹ láti àná? Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé "ń" kò mọ aago. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé wa sáàárín ìṣẹ̀lẹ̀, ìgbà yòówù kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ilé yìí kan náà lọ sí ọ̀la, kí a má yí ohun mìíràn padà.

Nígbà tí Bàbá bá wọlé lọ́la, Àdùkẹ́ yóò gún iyán.
Nígbà tí Bàbá bá wọlé lọ́la, Àdùkẹ́ yóò máa gún iyán.
Nígbà tí Bàbá bá wọlé lọ́la, Àdùkẹ́ yóò ti gún iyán.

Ìyàtọ̀ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ lánàá ló tún wà níbẹ̀ lọ́la, kò dín, kò lé. "Yóò" ni àmì àsìkò. Ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì bá èyíkéyìí nínú wọn jà. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ibá: tí kò bá sí nǹkan kan, odidi ni, "máa", a wà ní àárín, "ti", ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. "Máa" yìí ni "ń" nígbà tó bá tẹ̀ lé "yóò", nítorí Yorùbá kì í sọ pé "yóò ń gún". Ohun tí a sì fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù lọ ni gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ti ọ̀la. "Gún" tó wà níbẹ̀ ni "gún" tó wà nínú ti àná, ìhòòhò báyìí, láìsí àmì kankan lára. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àmì bá jẹ́ àsìkò tó ti kọjá, "yóò gún" kì bá ti ṣe é sọ.

Àṣẹ náà jẹ́rìí sí i. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ènìyàn láti ṣe nǹkan lánàá. Síbẹ̀ a ní "Ka ìwé yẹn", a sì ní "Máa ka ìwé yẹn". Èkínní ní kó kà á, ká sinmi. Èkejì ní kó wà lórí rẹ̀, kó máa bá a lọ, bóyá títí tí olùkọ́ yóò fi padà dé. Ibá odidi àti ibá àárín nìyẹn, níbi tí àsìkò kankan kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú "bá". "Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, a kò ní ṣe eré ìdárayá" ń wo òjò lódidi. "Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́la nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀" fi wá sínú òjò. "Bí òjò bá ti rọ̀" fi wá síbi tí ilẹ̀ ti tutù. Gbogbo rẹ̀, ọ̀la ni.

Ó yẹ kí a sọ ohun tó ń tan àwọn ọmọ jẹ, nítorí ìtànjẹ náà ní ìdí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ "Adé jẹun" láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn, kò ní rò pé ọ̀la ni; yóò rò pé Adé ti jẹ ẹ́, ó ti tán. Èrò yẹn kò burú. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀ kéré gan-an. "Ìsinsìnyí" kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Jíjẹun ní orí àti ìdí, ó sì gùn ju ìsinsìnyí lọ. Bí a bá fẹ́ wò ó lódidi, kò lè wọ inú ìsinsìnyí. Ó ní láti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá ti ní "yóò", "á" àti "máa" tó ń ṣọ́ ọ̀nà ọjọ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ tó ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àmì ni ẹ̀yìn. Àná ni ó ń bọ́ sí nítorí pé ibòmíràn kò gbà á, kì í ṣe nítorí pé àná ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyèméjì, kó wo èdè Rọ́ṣíà, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Tí a bá fi álífábẹ́ẹ̀tì wa kọ ọ́, "piṣú" túmọ̀ sí "mò ń kọ ọ́", ibá àárín. "Napiṣú" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí wọ́n fi "na" sí níwájú kó lè di ibá odidi. Ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, "ú" ni, kò sì sí àmì àsìkò tó ti kọjá lára èyíkéyìí. Síbẹ̀ "napiṣú" kì í ṣe "mo kọ ọ́", "màá kọ ọ́" ni. Odidi tí kò gba inú ìsinsìnyí, ọjọ́ iwájú ló bọ́ sí níbẹ̀, nítorí pé ti ẹ̀yìn ní àmì tirẹ̀, ìyẹn "l" ní ìparí: "pisal" jẹ́ "ó ń kọ ọ́ nígbà náà", "napisal" jẹ́ "ó kọ ọ́". Ní Yorùbá, odidi bọ́ sẹ́yìn. Ní Rọ́ṣíà, ó bọ́ síwájú. Bí ibá odidi bá jẹ́ orúkọ mìíràn fún àsìkò tó ti kọjá, èyí kò lè ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ tó lọ ilé kéwú tilẹ̀ ní ẹ̀rí kan lẹ́nu tí wọn kò mọ̀. Bí a bá dárúkọ olóògbé Mùsùlùmí, a máa ń fi "rahimahullahu" sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀, "rahima", ni irú èyí tí ìwé gírámà Lárúbáwá ń pè ní ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ pé Ọlọ́run ti kẹ́ ẹ lánàá. Àdúrà ni: kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń wo ìkẹ́ lódidi, àsìkò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ohun tí a fi ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. A sọ pé odidi kì í gba inú ìsinsìnyí. Bí òótọ́ bá ni, ó yẹ kí ìṣẹ̀lẹ̀ tó kéré tó láti gba inú rẹ̀ lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àmì fún ìsinsìnyí gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ tí a fi kí yín: "A kí yín." Kì í ṣe ìròyìn pé a kí yín ní ìjẹta. Bí a ṣe kọ ọ́ ni kíkí náà ṣẹlẹ̀, bó ṣe parí ni kíkí náà parí. "Mo dúpẹ́", "mo gbà", "mo búra", "mo júbà àgbà": ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ìṣe náà, nítorí náà odidi rẹ̀ wọ inú ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀ láìṣẹ́ kù. Onífóònù tó sọ pé "Mò ń dúpẹ́ o" kò ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n òun ń sọ pé ọpẹ́ òun ṣì ń bá a lọ. Ẹ sì fetí sí ẹni tó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò: "Ó gbà á, ó yí padà, ó gbá a, ó wọlé!" Bọ́ọ̀lù kì í dúró. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan parí kí ẹnu rẹ̀ tó kúrò lórí rẹ̀, ó sì ń sọ wọ́n ní odidi-odidi bí wọ́n ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀.

Ibi tí ìlànà "àìlámì jẹ́ àtẹ̀yìnwá" ti ń dá ọmọ lóró jù ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ipò. Mọ̀, fẹ́ràn, ní, wà, ga, gbọ́n, tóbi, jọ. "Adé mọ ọ̀nà oko" túmọ̀ sí pé ó mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. "Ilé wọn tóbi" kò sọ pé wọ́n ti wó o. Ọmọ tó há a sórí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àmì jẹ́ àsìkò tó ti kọjá, tí a sì ní kó sọ àsìkò "Adé mọ ọ̀nà oko", yóò kọ "ó ti kọjá", ọkàn rẹ̀ yóò sì máa sọ fún un pé irọ́ ni. Ọkàn rẹ̀ ló tọ̀nà. Ipò yàtọ̀ sí ìgbésẹ̀ nítorí pé kò ní orí àti ìdí tó ń mú lọ́wọ́. Bí Adé bá mọ ọ̀nà fún ogún ọdún, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nínú ogún ọdún náà ni ó mọ̀ ọ́n ní kíkún. Ìmọ̀ náà gba inú ìsinsìnyí láìsí wàhálà, kò sì sí ohun tó lè tì í sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìgbà kún un: "Nígbà tí Bàbá àgbà wà láyé, ó mọ gbogbo ọ̀nà oko." "Wà" àti "mọ̀" kò yí padà rárá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti di ti àtijọ́. Ohun tó sọ ìgbà ni "nígbà tí Bàbá àgbà wà láyé", kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìnì ń ṣe àṣìṣe tó wá láti inú ìlànà kan náà, ní òdìkejì. Bí a bá sọ fún wọn pé "ń" ni ìsinsìnyí, wọn yóò fi sí gbogbo ibi tí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tó wà báyìí: "Mò ń mọ orúkọ rẹ̀", "Mò ń ní bàtà". Ó tún ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Túndé fẹ́ràn rẹ̀" àti "Túndé fẹ́ ẹ" yàtọ̀ sí "Túndé ń fẹ́ ẹ". Èyí tó gbẹ̀yìn ti di pé wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà, gbogbo àdúgbò sì ti mọ̀. Bí "ń" bá bọ́ sára ọ̀rọ̀-ìṣe ipò, ó máa ń sọ ọ́ di ìgbésẹ̀ tàbí kó sọ pé ipò náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀: "Ọmọ náà ga", ṣùgbọ́n "Ọmọ náà ń ga sí i".

A dé orí "ti". Ìwé wa ń pè é ní ibá aṣetán, orúkọ yẹn sì ń mú kí àwọn ọmọ, àti àwọn olùkọ́ míì, rò pé òun ni ibá odidi. Òun kọ́. "Mo jẹun" sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lódidi, ó parí síbẹ̀. "Mo ti jẹun" so ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́ ibi tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ẹnì kan bá ní "Ẹ wá jẹun", ìdáhùn rẹ ni "Mo ti jẹun", nítorí pé yíyó tí o yó nísinsìnyí lo fẹ́ kó mọ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè pé "Kí lo ṣe nígbà tí o dé ilé lánàá?", "Mo jẹun" ni ìdáhùn. Ẹni tó bá sọ pé "Mo ti jẹun" síbẹ̀, etí yóò gbọ́ pé nǹkan kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo "Mo ti ń kọ lẹ́tà yìí láti àárọ̀." "Ti" wà níbẹ̀, iṣẹ́ kò sì tíì tán! Ohun tí "ti" sọ ni pé kíkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìsinsìnyí, ó sì kàn án. "Ń" sọ pé a ṣì wà láàárín rẹ̀. Bí a bá fi "ti" sára ọ̀rọ̀-ìṣe ipò, ìyípadà ló ń sọ. "Ó sanra" kò sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀; "Ó ti sanra" sọ pé o mọ̀ ọ́n nígbà tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ibá odidi pàápàá kò ní kí iṣẹ́ tán. Kókó yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. "Mo ka ìwé náà fún wákàtí méjì, n kò kà á tán." Gbólóhùn yìí dára, kò ta kora. "Ka" sọ pé wákàtí méjì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, a sì wò ó lódidi. Pé ìwé tán tàbí kò tán, iṣẹ́ "tán" nìyẹn. Nítorí èyí, a kì í fẹ́ràn kí wọ́n pe ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àmì ní aṣetán. "Ibá adáwà" tí àwọn ìwé kan ń lò sàn jù, nítorí pé ó kàn sọ pé ó dá wà ni, kò parọ́ mọ́ ọn.

Orúkọ tó dára jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ni "àsìkò afànámónìí". Ẹ tú u wò: ó fa àná mọ́ òní. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti rí i pé Yorùbá kò fi àmì pààlà sáàárín àná àti òní lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Ààlà kan ṣoṣo tó wà ni èyí tó wà ṣáájú ọjọ́ iwájú. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ń jiyàn pé "yóò" gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpinnu tàbí ìrètí ju àsìkò lọ, àríyànjiyàn yẹn kò sì tíì parí. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kó parí sí, ìwé tó kọ "àsìkò afànámónìí" sí orí ojú-ìwé kan, tó wá kọ "Adé jẹun: àsìkò tó ti kọjá" sí èkejì, ń ta ko ara rẹ̀.

"Máa" ni ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti máa ń dojú rú ní kíláàsì, nítorí pé mẹ́ta ni wọ́n. Nínú "Ó máa lọ lọ́la", "yóò" lè gba ipò rẹ̀: "Yóò lọ lọ́la." Àsìkò ni ìyẹn. Nínú "Yóò máa lọ", "yóò" ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò sì lè fi "yóò" mìíràn rọ́pò "máa". Ibá àárín ni. Nínú "Ó máa ń lọ", "ń" tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé bárakú ni, ìṣe rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè wà nílé nísinsìnyí. Ọ̀nà tí ọmọ fi lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò ju pé kó wo ohun tó wà níwájú "máa" àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ tilẹ̀ ń to méjì pọ̀: "Tó o bá fi máa débẹ̀, ó máa máa sùn." "Máa" àkọ́kọ́ nínú "ó máa máa sùn" sọ pé ọjọ́ iwájú ni, èkejì sọ pé àárín oorun lo máa bá a. Ọmọ tó bá lè ya méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ ti mọ ìyàtọ̀ àsìkò àti ibá ju ẹni tó há ojú-ìwé mẹ́wàá sórí lọ.

Ìyàtọ̀ yìí kò sì dúró sínú ìdánwò gírámà. Ẹ wo àròkọ oníròyìn tí àwọn ọmọ ń kọ. "Òòrùn ti wọ̀, òjò ń ṣú. Ìjàpá jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀nà oko lọ." "Ti wọ̀" àti "ń ṣú" tẹ́ ẹní sílẹ̀, aago kò rìn níbẹ̀. "Jáde", "ti ilẹ̀kùn", "gba ọ̀nà" ni ìtàn fi ń rìn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, nítorí pé odidi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, odidi kan sì gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. ("Ti" tó wà nínú "ti ilẹ̀kùn" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kà á mọ́ ti ibá.) Ọmọ tó bá kọ "Ìjàpá ń jáde, ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń gba ọ̀nà" ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ìtàn rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ̀tọ̀-Nóvò tí wọ́n ń fi Faransé kàwé ń bá a pàdé lójoojúmọ́: Faransé ní ọ̀nà méjì láti sọ ohun tó ti kọjá, ọ̀kan fún ìgbésẹ̀ tí a wò lódidi, èkejì fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ọmọ tó mọ̀ pé "ó jẹun" àti "ó ń jẹun" lè jọ jẹ́ ti àná ti ní èyí tó le jù níbẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ́ wọn, ẹ kọ gbólóhùn iyán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí pátákó, mẹ́ta lápá òsì fún àná, mẹ́ta lápá ọ̀tún fún ọ̀la. Ẹ ní kí wọ́n dáhùn ìbéèrè méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní àyè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìgbà wo ni? ibo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi "Adé mọ ọ̀nà oko" àti "Mo dúpẹ́" dán wọn wò, kí àwọn fúnra wọn rí i pé "àìlámì jẹ́ àtẹ̀yìnwá" kò gbà á. Ẹ fi òwe kún un bí àyè bá wà. "Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ." Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni adìẹ náà bà. Ẹ sì fún wọn láyè láti jiyàn lórí rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe ìdánwò: ìbéèrè tó ní "Sọ àsìkò gbólóhùn yìí: Adé jẹun", tí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé máàkì jẹ́ "àsìkò tó ti kọjá", ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà sí "àsìkò afànámónìí, ibá adáwà". Títí tí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá kọ ìdáhùn yẹn, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ ní kíkún.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí gírámà Yorùbá